Òjìji Àárín Ìwé àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Iṣẹ́ tí ẹ yàn fún mi ni kí n sọ bí a ṣe ń fọ ojú ewé tí a ti sikáànì mọ́ kí ó lè ṣe é kà. Púpọ̀ nínú yín ló ń ṣe é lójoojúmọ́, nítorí náà n kò ní pẹ́ rárá lórí ìtumọ̀.

Ẹ̀rọ sikánà kò mọ lẹ́tà. Ó kàn ń gé ojú ewé sí ẹyọ tíntìntín tí à ń pè ní píkísẹ̀lì, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 0 tí ó dúdú kirikiri títí dé 255 tí ó funfun báláú. Bí a bá ní a fẹ́ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, àwọn nọ́ńbà yìí ni à ń gbé sókè tàbí tí à ń fà wálẹ̀. Ààlà ni nọ́ńbà kan tí a yàn, tí ohun tó bá kéré sí i yóò di dúdú pátápátá, tí èyí tó bá jù ú lọ yóò di funfun pátápátá. Òjìji, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ojú ewé kan wá. Ìwé pẹlẹbẹ àjọ̀dún ìjọ kan ni, lẹ́tà òjé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, inú àpótí bàbá mi ni mo ti rí i. Bàbá mi a máa kà á sókè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a sì máa dúró lórí orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ gbé òkúta ìpìlẹ̀ lé ilẹ̀. Ìwé náà nípọn díẹ̀, wọ́n sì rán ẹ̀yìn rẹ̀ le. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé orí díńgí sikánà, ojú ewé á sùn dáadáa ní etí òde, ṣùgbọ́n ní àárín, níbi tí wọ́n ti rán an, ìwé kò kan díńgí. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kò dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, òjìji á sì sùn sórí lẹ́tà mẹ́ta mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Ní àárín ojú ewé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 215, inú lẹ́tà dúdú sì jẹ́ 60. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò dúdú tó lẹ́tà, nítorí pé ó kéré, ó sì ń pín àwọ̀ pẹ̀lú ìwé tó yí i ká: 130 ni. Nínú òjìji, ìwé ti wálẹ̀ sí 110, lẹ́tà jẹ́ 35, àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ 70.

Níbo ni ẹ fẹ́ fi ààlà sí? Bí ẹ bá fẹ́ kí àmì abẹ́ lẹ́tà tó wà níbi ìmọ́lẹ̀ di dúdú, ààlà gbọ́dọ̀ ju 130 lọ. Ṣùgbọ́n ìwé inú òjìji jẹ́ 110, òun náà á di dúdú, gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà á sì di àbàwọ́n dúdú. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sí 100 kí òjìji lè lọ, ó lọ lóòótọ́, àmì abẹ́ lẹ́tà ibi ìmọ́lẹ̀ sì bá a lọ. Kò sí nọ́ńbà kan láàárín 0 àti 255 tó lè ṣe méjèèjì.

Ibí yìí ni àwọn ọmọ wa ti máa ń sáré lọ mú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí ẹ bá fi 40 kún gbogbo rẹ̀, ìwé inú òjìji á di 150, àmì ibi ìmọ́lẹ̀ á di 170. Àmì ṣì funfun ju ìwé lọ! Ohun kan náà tí ẹ fi kún ọ̀tún lẹ fi kún òsì, ipò wọn kò yí padà. Kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, kí ẹ sì fa ààlà wálẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kí a kọ́kọ́ mú òjìji kúrò, kí a tó dá ààlà. Pípín ni a fi ń ṣe é. A óò ṣe ẹ̀dà ojú ewé náà kan, a óò pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́ kí ó lè ku àwọ̀ ìwé àti òjìji nìkan. Lẹ́yìn náà, a óò fi nọ́ńbà ẹ̀dà yìí pín nọ́ńbà ojú ewé gan-an, píkísẹ̀lì sí píkísẹ̀lì, a ó sì fi 255 sọ ọ́ di púpọ̀. Níbi ìmọ́lẹ̀, ìwé di 255, lẹ́tà di 71, àmì di 154. Nínú òjìji, ìwé di 255, lẹ́tà di 81, àmì di 162. Ẹ rí i pé ibi méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ààlà tí a bá fi sí nǹkan bíi 190 á gba lẹ́tà, á gba àmì, á sì fi ìwé sílẹ̀ ní funfun. Àṣẹ tí mo ń lò nínú ImageMagick nìyí:

```
magick oju.tif -colorspace Gray \
 \( +clone -morphology Close Disk:15 -blur 0x20 \) \
 -compose Divide_Src -composite -threshold 75% \
 -type bilevel -compress Group4 oju-mo.tif
```

`Close Disk:15` ló ń pa lẹ́tà rẹ́ nínú ẹ̀dà. Ó lè pa ohun dúdú tí kò nípọn ju nǹkan bí ọgbọ̀n píkísẹ̀lì lọ, ìyẹn sì tó fún lẹ́tà inú ìwé ní 300 dpi. Àkọlé gàdàgbà ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá rí lẹ́tà ńlá tí inú rẹ̀ ṣófo, tí etí rẹ̀ nìkan ṣẹ́kù, ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà náà kò lè pa á rẹ́ tán, ó sì ti ka inú lẹ́tà sí òjìji. Ẹ sọ 15 di 30, ẹ tún un ṣe. Yóò pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní sùúrù.

Mo wá dé ibi ìjà mi. Àwọn kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí wọ́n gbà pé ojú ewé tó mọ́ ni èyí tí kò ní tóótó kan lára. Wọ́n á dá ààlà tán, wọ́n á tún lo èyí tí ScanTailor ń pè ní `Despeckling` tàbí èyí tí unpaper ń pè ní `noisefilter`, kí ó máa ṣa tóótó dúdú kéékèèké kúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn fà á, mi ò tíì dákẹ́. Bí asẹ́ ni ẹ̀rọ yẹn rí: bí ihò rẹ̀ ṣe tóbi tó ló sábà fi ń pinnu ohun tó ń jò kúrò, kò mọ òkúta yàtọ̀ sí ìrẹsì. Ní 300 dpi, mílímítà kan jẹ́ bíi píkísẹ̀lì méjìlá. Àmì abẹ́ lẹ́tà tó tó ìdá mẹ́ta mílímítà jẹ́ píkísẹ̀lì mẹ́rin péré ní ìbú. Ẹ̀gbin ara ìwé náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kó ọ̀kan lè kó èkejì, nítorí pé àmì náà dá dúró, kò so mọ́ lẹ́tà. Níbi tí wọ́n bá ti fi ìlà kékeré tó kan lẹ́tà ṣe àmì, ó sábà máa ń yè é. Àmì ohùn náà ń dá dúró lókè, ó sì ń bá a lọ.

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi ni, sọ fún mi níwájú àwùjọ pé kò burú, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á fi ọkàn mú un bọ̀ sípò. Mo ní kí ó ka ìlà kan fún mi láti inú iṣẹ́ tirẹ̀: “Oko re ti de.” Ṣé ọkọ rẹ̀ ni, ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìlà tó tẹ̀ lé e á sọ. Ìlà tó tẹ̀ lé e kò sọ ohunkóhun. Ká tilẹ̀ gbà pé ènìyàn lè rò ó, kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ kó ka ojú ewé náà kí ó lè wá ọ̀rọ̀ jáde fún wa kì í rò, ohun tó rí ló ń kọ. Nínú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì, tóótó tó dá dúró kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti i àti j àti ti àmì ìdánudúró lọ. N kò bá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí wí. Àwa tí a ní àmì lábẹ́ lẹ́tà, tí a sì ń tan ẹ̀rọ náà láìwò ó, ni mò ń bá wí. Kí ẹ tó tan án, ẹ fẹ ojú ewé kan títí ẹ óò fi rí píkísẹ̀lì, ẹ ka iye ẹ, ọ àti ṣ tó wà nínú ìpínrọ̀ kan, kí ẹ wá tún àmì abẹ́ wọn kà lẹ́yìn tí ẹ bá tan án. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ pa á. Bí ẹ bá sì ní ìwé náà lọ́wọ́, ẹ tún un sikáànì ní 600 dpi: àmì á di píkísẹ̀lì mẹ́jọ, ẹ̀gbin tó kéré sí i nìkan ni ẹ̀rọ á sì rí ṣà.

Alága ti ń wo aago, mo rí yín, mo ń sáré.

Lórí ààlà tí kọ̀ǹpútà ń yàn fúnra rẹ̀: Nobuyuki Otsu gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní 1979, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ń lò. Ó ń ka iye píkísẹ̀lì tó wà ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wá ibi tí òkìtì dúdú àti òkìtì funfun ti pínyà jù lọ. Bí òjìji bá wà, òkìtì kẹta dé nìyẹn, ó sì máa ń ṣì í lọ́nà. Sauvola àti Pietikäinen ní 2000 ń yan ààlà fún àyíká píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn fara da òjìji dáadáa, ṣùgbọ́n tí àyíká náà bá kéré jù, inú lẹ́tà ńlá á tún ṣófo.

Lórí etí dúdú tó ń yí ojú ewé ká nígbà tí a kò pa ìdérí sikánà: ẹ má fi ààlà jà á, ẹ gé e kúrò. Ẹ gé e kí ẹ tó pín, nítorí pé etí dúdú ń ba àwọ̀ ìwé jẹ́ nínú ẹ̀dà. Bí lẹ́tà ẹ̀yìn ewé bá ń hàn sójú, ẹ fi pépà dúdú sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sikáànì.

Lórí fọ́tò: ojú ewé tó bá ní fọ́tò, ẹ má dá ààlà fún un rárá. Ojú ènìyàn á di àbàwọ́n dúdú, pípín á sì sọ aṣọ dúdú di eérú. Ní ScanTailor, ẹ yan `Mixed`, kí lẹ́tà di dúdú òun funfun, kí fọ́tò sì wà ní àwọ̀ rẹ̀. Ó máa ń ṣì fọ́tò mọ̀ nígbà mìíràn, ẹ óò fi ọwọ́ fa ìlà yí i ká fúnra yín. Alága, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè.