Ẹ̀bà Aago Méjì Òru

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí báyìí, tí ẹ ń wá bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú ojú oorun. Ẹ̀yin ọlọ́dẹ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń yan búrẹ́dì, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi òru rìn, tiyín ni mo wá sọ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lóru bí ọmọ gidi, ẹ má yí rédíò kúrò. Ẹ lè ní ọkọ tàbí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń di oúnjẹ fún un.

Oúnjẹ tí ẹ ń dì yẹn gan-an ni mo bá wá. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Àpáta pè mí. Ó ní ikùn òun ń yọ síwájú, àyà ń ta òun, bí òun bá sì jí lọ́sàn-án, oúnjẹ gidi kì í wu òun jẹ. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ jẹ lóru àná?" Wọ́n ní ẹ̀bà ni. Mo ní ní aago mélòó? "Aago méjì òru, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dá." Mo ní báwo ni ẹ̀bà náà ṣe tó? Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí a bi léèrè bí ẹ̀bà rẹ̀ ṣe tó, tó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ti dáhùn.

Mo ti múra pé màá ṣàlàyé aago inú ara fún yín dáadáa lónìí. Ìwé kún iwájú mi níbí. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nòbẹ́ẹ̀lì lọ́dún 2017 nítorí aago yìí, mo sì fẹ́ sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyá nọ́ọ̀sì kan ti ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gírámà pa wá, ẹ sọ ohun tí a máa jẹ." Ó dáa, mo ti pa ìwé dé. Èyí nìkan ni kí ẹ mú nínú rẹ̀: ìnsúlíìnì tó ń bá wa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lóru bíi ti ọ̀sán. Òkèlè kan náà, ọbẹ̀ kan náà, bí ẹ bá jẹ ẹ́ lóru, ṣúgà á ga nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ì bá ṣe ga lọ́sàn-án, á sì pẹ́ kó tó wálẹ̀. Ikùn náà á máa falẹ̀. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó ti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kan ilẹ̀kùn: ó lè tà fún un, ṣùgbọ́n yóò kùn. Kíkùn yẹn ni àyà títa àti inú tó ń wú. Ẹ̀bà aago méjì òru ni.

Ẹ jẹ́ ká wá tún ọjọ́ bàbá yìí tò. Wọ́n ń wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́, wọ́n ń jáde ní méje àárọ̀, wọ́n ń délé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti délé, wọn kì í jẹ nǹkan kan, torí ẹ̀bà òru ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á sùn, ebi á jí wọn láago méjìlá, wọ́n á jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á tún sùn díẹ̀, wọ́n á sì jáde láìjẹun gidi. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń pa wọ́n bí ẹkùn lóru. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀bà òru kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọ̀sán tí wọn ò jẹun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Báyìí, bí wọ́n bá délé, ẹ̀kọ gbígbóná kékeré kan àti àkàrà méjì tàbí mẹ́ta, tàbí mọ́ínmọ́ín kan. Kò gbọdọ̀ pọ̀. Ohun tí ò ní jẹ́ kí ebi jí wọn nìkan la ń wá. Wọ́n á sùn ní aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́ta ọ̀sán. Kí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí wọ́n sì dé fìlà tó bo ojú láti ibi iṣẹ́ wálé, torí oòrùn àárọ̀ máa ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, kí oorun lọ. Ẹ̀yin ará ilé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru kì í ṣe ọ̀lẹ nítorí pé ó ń sùn lágogo mọ́kànlá àárọ̀. Ìyàwó ẹnìkan ní kí ọkọ òun dìde wá fa omi nígbà tí kò tíì sùn tó wákàtí méjì. Madam, ẹ fa omi yẹn fúnra yín.

Bí wọ́n bá jí láago mẹ́ta, omi ife kan tàbí méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ebi bá ń pa wọ́n, lẹ́yìn náà eré ìdárayá. Màá padà sórí ìyẹn. Nígbà tó bá di aago márùn-ún, oúnjẹ ńlá dé. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé mo kórìíra ẹ̀bà! Ibí ni ẹ̀bà wà. Ẹ̀bà tàbí àmàlà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tó pọ̀, ẹja tàbí ẹran. Kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gba ààyè ju òkèlè lọ nínú abọ́. Ẹni tó bá jẹ èyí kó tó jáde nílé, ebi ò ní máa lé e kiri lóru.

Oúnjẹ kejì ni èyí tí ẹ máa dì sínú kúlà: ẹ̀wà rírò tàbí mọ́ínmọ́ín, tàbí ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú ẹyin sísè. Kí ẹ jẹ ẹ́ láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́. Láti aago méjìlá òru títí di márùn-ún ìdájí, mo ti ti ilẹ̀kùn. Omi nìkan ni. Bí ebi bá ń pa yín gan-an, ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan, tàbí ẹyin kan. Àwọn kan á tún pè mí pé, "Ṣé a lè jẹ ẹ̀bà kékeré?" Kò sí ẹ̀bà kékeré láago méjì òru. Ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ̀.

Ní ti obì àti kọfí, mi ò ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀. Àmọ́ káfíìnì tí ẹ bá mu, ó máa ń tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, lára ẹlòmíràn ó tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obì tí ẹ bá jẹ láago mẹ́rin ìdájí ṣì wà lára yín láago mẹ́sàn-án tí ẹ fẹ́ sùn. Ẹ wá ń sọ pé ayé ń yọ yín lẹ́nu, pé oorun ò wá. Ẹ jẹ obì yín kó tó di aago méjìlá òru, kẹ́ ẹ fi mọ síbẹ̀. Káfíìnì tó wà nínú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu, ṣúgà inú rẹ̀ náà ń lọ bá ìnsúlíìnì tó ti ń tòògbé.

Ẹnìkan á ní, "Ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ò tètè dé, mọ́kànlá ni mo tó sùn." Èyí wọ́pọ̀. Ẹ má fi aago ògiri ka oúnjẹ ńlá yín nígbà náà, jíjí yín ni kẹ́ ẹ fi kà á. Láàárín wákàtí méjì tí ẹ bá jí, kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́, ì báà jẹ́ aago mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn òru kì í sún. Méjìlá sí márùn-ún ni, bó ti wù kí ọjọ́ náà dàrú tó.

Ó kù díẹ̀ kí àkókò tán, mi ò sì tíì sọ ti eré ìdárayá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, wọ́n á kọjá sí ibi tí wọ́n ti ń gbé irin. Ta ló rán yín? Ẹsẹ̀ tó ti dúró ní gbogbo òru, ojú tó ń tòògbé, irin lórí àyà! Ẹ sùn ná. Lẹ́yìn tí ẹ bá jí ni ara yóò ṣe tán.

Oorun ni kó máa pinnu. Bí ẹ bá sùn tó wákàtí mẹ́fà, ẹ ṣe ti agbára, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ jókòó sórí àga kẹ́ ẹ tún dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ tẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tì í padà. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí, ẹ̀yìn gbọọrọ, kẹ́ ẹ fa kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún wá sí ìhà, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ sí méjìlá ni kẹ́ ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ tún un ṣe títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ẹ dúró nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì lè ṣe méjì sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá lè ṣe méjìlá ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá. Bí oorun ò bá tó wákàtí márùn-ún, ẹ gbàgbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ rìn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí oorun yín wà láàárín méjèèjì, ẹ ṣe ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ ìsinmi ńkọ́? Ní òwúrọ̀ tí ẹ bá parí òru tó gbẹ̀yìn, ẹ sùn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ lè rí oorun sùn lálẹ́. Ọjọ́ tí ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó lọ.

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí kí n tó lọ: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀, kó má tíì sún oúnjẹ kankan nítorí ohun tí mo sọ lónìí. Oògùn ọ̀hún bá àkókò oúnjẹ rìn, ṣúgà sì lè já wálẹ̀ lójijì bí wọ́n bá ya ara wọn. Ẹ mú àkókò iṣẹ́ yín lọ fún dókítà tó ń tọ́jú yín, kó bá yín tún un tò.