Ojú Kọ́ La Fi Ń Dá Ère Òrìṣà Mọ̀



Bí a bá to ère òrìṣà sílẹ̀, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, nítorí agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ojú ẹnì kan pàtó. Ohun tí ère rù, ohun tó dì mú àti àwọ̀ rẹ̀ ni ká wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ère obìnrin tó kúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní Ọya ni. Ẹ wo orí rẹ̀ ná. Bí àáké olójú méjì bá wà níbẹ̀, oṣé Ṣàngó nìyẹn. Ojú méjèèjì dúró fún ẹdùn àrá. Obìnrin náà kì í ṣe òrìṣà, olùsìn rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ife ló rù, tí kò sí àáké, ó lè jẹ́ agere tí babaláwo ń kó ikin sí.

Ti Èṣù yàtọ̀: irun rẹ̀ gùn sẹ́yìn, owó ẹyọ sì so mọ́ ọn lára.

Funfun ni ti Ọbàtálá. Pupa àti funfun ni ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ọ̀dà a máa ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ a sì máa já sọnù. Àáké tí wọ́n gbẹ́ pọ̀ mọ́ ère lára igi kan náà kì í lọ. Òun ni ká kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Bí ẹ bá dé Màrínà, ẹ wo ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964, níwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná. Àáké ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ orúkọ rẹ̀.