Bí Tòmátò Ò Bá Rà Mọ́: Bí A Ṣe Ń Dá Ayé Ìtàn Sílẹ̀

Àwọn kan bi mí pé báwo la ṣe ń kọ ìtàn tí ẹ̀rọ tí kò tíì sí láyé máa ń wà nínú ẹ̀, tí kò fi ní dà bí àlọ́ ìjàpá. Mo ní màá fi ohùn ránṣẹ́. Òun nìyí.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà. Gbogbo nǹkan tó kù, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀gbẹ́ni H. G. Wells, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é nínú ìwé kan tó jáde ní 1897, nípa ọkùnrin tí ojú kò lè rí. Ara ọkùnrin yẹn nìkan ni ojú kò rí o, aṣọ rẹ̀ ń hàn kedere. Tó bá fẹ́ fara pamọ́, ó di dandan kó wà ní ìhòòhò nínú òtútù ilẹ̀ òyìnbó. Oúnjẹ tó bá jẹ ń hàn nínú ikùn rẹ̀ títí yóò fi dà. Wells kò wá fi iṣẹ́ ìyanu kejì gbà á sílẹ̀. Inú ìyà yẹn gan-an ni ìtàn wà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ọjà tá a mọ̀ ṣe tiwa. Ká ní ẹnì kan ṣe àpò kan. Tó o bá kó apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan sínú ẹ̀ tó o sì dì í pa, kò ní rà fún ọdún kan. Kò lo iná, kò lo yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹ fún un lófin, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òfin tèmi ni pé tí wọ́n bá ti ṣí i, àpò yẹn ti parí iṣẹ́, tòmátò inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó àpò kan sì tó owó apẹ̀rẹ̀ kan lásìkò ìkórè. Ká pè é ní àpò àìrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àìrà náà lè jẹ́ ọjà tẹ́nikẹ́ni ò rà. A máa débẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rí ni awakọ̀. Láti Kadawa, lọ́nà Kánò sí Sáríà, títí dé Máìlì 12 l'Ékòó, ọ̀nà náà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ooru wà nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń fọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré lóru. Pẹ̀lú àpò yìí, awakọ̀ á páàkì, á sùn. Inú wa dùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ ìtàn máa ń dúró, ìtàn wọn a wá dà bí ìpolówó ọjà.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé: ta ni rírà tòmátò ń bọ́? Olóúnjẹ tó ń ra èyí tó ti rọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, òun náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ kókó ni obìnrin tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ wo ẹ̀wà. Ẹ̀wà kì í tètè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí olówó fi lè rà á lọ́pọ̀ nígbà ìkórè, kó tì í mọ́lé, kó máa wo ojú ọjà. Kò sẹ́ni tó lè ti tòmátò mọ́lé. Olówó àti tálákà, ọjọ́ mélòó kan náà ni tòmátò fún àwọn méjèèjì. Rírà yẹn ló ń dáàbò bo ẹni kékeré.

Ẹ jẹ́ ká pe obìnrin inú ìtàn wa ní Ìyá Ìbejì. Mo fi owó àfinúrò ṣírò o, ẹ má mú u lọ sọ́jà. Ó ní 100,000 náírà. Ní oṣù kẹta, apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ 10,000. Lónìí, á ra mẹ́wàá, á tà á, á jèrè 1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tún padà lọ rà. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 20,000 lowó oúnjẹ ilé àti owó ilé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn. Nísinsìnyí àpò àìrà ti dé. Apẹ̀rẹ̀ àti àpò di 20,000, márùn-ún péré ló lè dì. Lóṣù keje, nínú òjò, apẹ̀rẹ̀ kan á di 40,000, gbogbo ẹ̀ á di 200,000. Ó jèrè 100,000! Àmọ́ kí ni àwọn ìbejì máa jẹ láti oṣù kẹta sí oṣù keje? Á lọ yáwó. Ọ̀dọ̀ ta ni? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ilé ìkẹ́rù tí àpò 5,000 wà nínú ẹ̀. Ẹni yẹn náà ló sì máa sọ ọjọ́ tó máa ṣí àpò tiẹ̀. Tó bá ṣí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú Ìyá Ìbejì, 40,000 á di 18,000. Àìrà kejì nìyẹn.

Ẹ má rò pé nǹkan burúkú nìkan ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ díẹ̀ rí, lójú ayé. Olùkọ́ kan wà láti Jìgáwá, Mohammed Bah Abba, tó gba ẹ̀bùn Rólẹ́ẹ̀sì ní 2000. Ó fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó kó iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi ṣe ń gbẹ ló ń mú inú ìkòkò tutù. Ìgbá tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27. Ẹ wo ohun tó ṣe nínú ilé: àwọn ọmọbìnrin tó gbọ́dọ̀ kiri ọjà lójoojúmọ́ kó má bàa bàjẹ́ rí àyè lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n amọ̀kòkò àdúgbò ló ń mọ ìkòkò yẹn, owó rẹ̀ ò wọ́n, ọjọ́ tó fi kún ọjà ò sì tó èyí tí olówó lè fi kó ọjà pamọ́ títí dìgbà òjò. Àpò tèmi, ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe é. Ẹni tó ń ṣe nǹkan àti iye tó ń tà á, wọ́n máa ń yí ìtàn padà ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ku ilé wa. Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n fi wà ní Kánò tí àbúrò sì wà ní Máìlì 12? Torí ọjà ò lè dúró de ìjà. Tí ọkọ̀ bá dé, ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ò ń bẹ̀rù ìyá ẹ̀. Pẹ̀lú àpò àìrà, o lè fi ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tó ò mọ̀ rí. Tí kò bá sanwó, kò sí wàhálà, ọjà ṣì wà bó ṣe wà. A ò nílò àbúrò mọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ò sì nílò kó gbé Sábó ní gbogbo ọdún. Á wá lóṣù kẹta, á dì í, á lọ. Ọmọ tá a bí síbí, tí Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ibo ni bàbá ẹ̀ máa kó o lọ? Ibi tí ìtàn yìí ti ń ká mi lára nìyẹn.

Iṣẹ́ tuntun náà á yọ. Àpò ayédèrú á jáde dandan. Tẹ́ ẹ bá kọ ayé kan tí kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀rọ tuntun lu jìbìtì, ẹ tún un kọ. O ò lè ṣí àpò wò kó o tó rà á, torí tó o bá ṣí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà a máa ní àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fọwọ́ tẹ àpò, kí wọ́n gbóòórùn ẹnu ẹ̀, kí wọ́n fi èdìdì sí i. Mo rò pé àwọn ìyá àgbà tó ń ṣa tòmátò nísinsìnyí ló máa mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan: tí ọ̀rọ̀ bá ti le fún Ìyá Ìbejì, ó máa wù yín kẹ́ ẹ dá ẹ̀rọ mìíràn sílẹ̀ láti gbà á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wá ọ̀nà pẹ̀lú ohun tá a ní lónìí: àjọ, ẹgbẹ́, ẹbí, irọ́ díẹ̀ pàápàá.

Èmi, alẹ́ tó ku ọ̀la kí oṣù keje wọlé ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Àpò márùn-ún wà nínú yàrá rẹ̀, olówó ò tíì ṣí tiẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní kó ṣí i báyìí, ìyá ìyá rẹ̀ ti gbóòórùn ọ̀kan nínú wọn, kò sì tíì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ọjà mìíràn, ẹja, àlùbọ́sà, ẹran, kó yí ohun kan padà nínú ẹ̀ kó fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ o, ẹ̀yin èèyàn mi, dátà wọ́n.