Bodè Tí Kò Ní Oníbodè

[Orin ètò wọlé, ó rọlẹ̀]

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò àtigbé ọkọ̀ lọ ṣe páásípọ́ọ̀tù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Kúnlé. Peckham ló ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba Old Kent Road, ó ń lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue. Nígbà tó dé oríta Bricklayers Arms, ó forí lé Great Dover Street. Ibẹ̀ ló ti kó sínú àdúgbò tí wọ́n ń gbowó ìwọ̀lú. Ká ní New Kent Road ló yà sí, kò ní tíì jẹ kọ́bọ̀, torí ojú ààlà nìyẹn, àmọ́ Northumberland Avenue tó ń lọ gan-an wà nínú àdúgbò náà.

Láyé àtijọ́, oníbodè á jókòó sẹ́nu bodè, ẹni tí kò bá sanwó ò ní wọ̀lú. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní géètì, kò sì sẹ́ni tó máa na ọwọ́ dá yín dúró. Lẹ́tà C funfun nínú róbótó pupa lẹ ó rí, lára pátákó àti lórí ọ̀dà, kámẹ́rà á sì ti ka nọ́ńbà ọkọ̀ yín.

Pọ́n-ùn 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2003. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, ó di pọ́n-ùn 18 lóòjọ́, bẹ́ ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ ẹ wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Lópin ọ̀sẹ̀, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Orí tfl.gov.uk ni kẹ́ ẹ ti san án, kó tó di aago méjìlá òru ọjọ́ yẹn. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, wọ́n fún yín di òru ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ó ti di 21.

Kúnlé rí àyè páàkì, ó fi fóònù sanwó rẹ̀, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Àṣìṣe ńlá! Owó káńsù nìyẹn. Owó ìwọ̀lú, TfL ló ń gbà á, ọ̀kan kì í san èkejì.

[Ìró lẹ́tà tó ń já bọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn]

Owó ìtanràn dé: pọ́n-ùn 180. Tó bá san án láàárín ọjọ́ 14, á di 90. Tí ọjọ́ 28 bá kọjá láìsan, láìkọ̀wé, á di 270, ẹ̀yìn náà ló kan ilé ẹjọ́. Àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni lẹ́tà máa ń lọ. Kúnlé ti kó kúrò ní Woolwich, kò sì sọ fún àjọ DVLA. Ayálégbé tuntun ń to lẹ́tà jọ sórí àpótí bàtà, títí bélìfù fi wá de táyà ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Peckham. Ẹni tí lẹ́tà ò bá dé ọwọ́ ẹ̀ rárá lè búra sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni yíyí àdírẹ́sì padà.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ọgbà tí Kúnlé ń lọ gan-an jẹ gbèsè owó yìí! Lọ́dún 2024, TfL gbé orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú tó jẹ wọ́n lówó síta. Amẹ́ríkà ṣíwájú, gbèsè tiwọn lé ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 14. Jàpáànù lé ní 10. Íńdíà àti Nàìjíríà tiwa, ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní 8. Amẹ́ríkà ní owó orí ni, aṣojú ìjọba kì í sì í san owó orí ní ilẹ̀ onílẹ̀. TfL ní rárá, owó iṣẹ́ ni. Bélìfù kankan ò sì lè wọ ọgbà wọn. Aṣojú ni mo wí o! Ẹni tó lọ ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ò sí ńbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìlà títì. Ìlà yẹ́lò méjì, ẹ má páàkì níbẹ̀ nígbàkigbà. Ìlà kan, ẹ wo àkókò tó wà lára pátákó. Ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n ń fi jini, àyè páàkì tí àkókò yín níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nìkan ló wà fún, yálà ẹ sanwó tàbí ọ̀fẹ́ ni, ìlà yẹ́lò ò sí níbẹ̀. Ìlà pupa sì ń kọ́... ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti ń juwọ́ sí mi láti inú gíláàsì. Ẹ má dúró níbẹ̀ rárá! Ó dìgbà.

[Orin ètò]