Bí DNA Ṣe Ń Ṣe Àdàkọ Ara Rẹ̀: Lẹ́tà Kan Tó Di Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde

Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ó ní láti kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo DNA inú rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì tí yóò jáde lè ní ẹ̀dà tó pé. DNA jẹ́ fọ́nrán gígùn méjì tó lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn, tí lẹ́tà kẹ́míkà mẹ́rin, A, T, G àti C, sì tò lọ lára wọn. A ni í kọjú sí T, G ni í kọjú sí C, nítorí náà ẹni tó bá ka fọ́nrán kan ti mọ ohun tó wà lára èkejì.

Orí òfin yìí ni àdàkọ dúró lé. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn púrótéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú ara, ló ń ṣe é: èyí tó ń jẹ́ hẹ́líkéèsì á tú fọ́nrán méjèèjì kúrò lára ara wọn, pọ́límérèèsì á sì máa to lẹ́tà tuntun sí iwájú ti àtijọ́, títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan DNA méjèèjì yóò fi ní fọ́nrán àtijọ́ kan àti tuntun kan, gẹ́gẹ́ bí Matthew Meselson àti Franklin Stahl ṣe fi hàn ní 1958.

Pọ́límérèèsì a máa ṣì lẹ́tà tò nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń padà sẹ́yìn yọ èyí tó ṣì, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn á sì tún yẹ iṣẹ́ náà wò, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí àṣìtò 1 péré ló ń ṣẹ́kù nínú lẹ́tà bílíọ̀nù 1. Fọ́nrán àtijọ́ ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n fi ń mọ èyí tó tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹlẹ́rìí yìí ti sọnù. Níbì kan nínú jíìnì hẹmoglobíìnì, púrótéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, GAG ló wà lára fọ́nrán kan, CTC ló sì kọjú sí i. Bí pọ́límérèèsì bá fi T sí ipò A, GTG ni yóò kọjú sí CTC àtijọ́, T á dojú kọ T, àwọn ayẹ̀wò á sì rí i pé kò bára mu. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tún un ṣe kí àdàkọ mìíràn tó dé, CTC yóò bí GAG tuntun, GTG náà yóò sì bí CAC tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí àìbáramu mọ́: àṣìtò ti di ojúlówó.

Irú àṣìtò bẹ́ẹ̀, tó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nínú sẹ́ẹ̀lì tó di àtọ̀ tàbí ẹyin, ló fa hẹmoglobíìnì tó ń lẹ̀ mọ́ra bí ọ́síjìn bá dín kù, tó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa bí dòjé nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lára ọmọ Ìlaròó tàbí Ayétòrò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS (A ibí yìí jẹ́ orúkọ hẹmoglobíìnì, kì í ṣe lẹ́tà DNA), sẹ́ẹ̀lì kò ṣi GTG kọ rárá. Ohun tó bá lọ́wọ́ òbí ló ń dà kọ pẹ̀lú òtítọ́. Ìdí nìyí tí ayẹ̀wò inú sẹ́ẹ̀lì kò fi lè rí i, tó fi jẹ́ pé inú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni àwọn àfẹ́sọ́nà ti ń lọ wádìí rẹ̀.