Fífi Owó Díẹ̀ Kéde Iṣẹ́ Lórí Fesibúùkù

Àsọyé fún àwọn ilé ìkàwé ìletò

Kí fóònù tó dé, oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ a máa fún akéde ní owó díẹ̀, akéde a sì máa lu agogo kiri àdúgbò. Ẹni tí ó san owó náà ni yóò sọ ibi tí agogo yóò dé. Kò sí oníṣẹ́ kan ní Ọ̀yọ́ tí yóò san owó pé kí akéde lọ lu agogo ní Ṣakí, nígbà tí ó mọ̀ pé òun kò lè lọ ṣiṣẹ́ ní Ṣakí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti fi Fesibúùkù ṣe akéde wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó ń san owó agogo tí ń dún ní ìlú tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé.

Bí ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lórí Fesibúùkù, díẹ̀ nínú àwọn tí ń tẹ̀lé e ni yóò sábà rí i. Bí ó bá fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pẹ̀lú rí i, yóò tẹ ibi tí a kọ Boost post sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò sì san owó. Ilé iṣẹ́ Meta, tí ó ni Fesibúùkù, yóò wá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú irú àwọn ènìyàn tí ó yàn, fún iye ọjọ́ tí ó yàn. Ojú tí yóò rí ìkéde ni owó náà ń wá. Kò ra oníbàárà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ pe oníṣẹ́ náà, owó ti lọ. Nítorí náà, ohun méjì ni ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó san kọ́bọ̀: iye tí ó lè ná lórí oníbàárà kan, àti ibi tí oníbàárà náà ń gbé.

Ẹ fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, oníṣẹ́ fíríìjì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òwòdé ní ìlú Ọ̀yọ́. Ilé àwọn oníbàárà ni ó máa ń lọ láti tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó gáàsì, owó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti owó ọkọ̀ kúrò, ₦6,000 ni ó ń kù sí i lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ kan. Ó ro ó, ó sì pinnu pé nínú ₦6,000 yìí, òun lè yọ̀ǹda ₦2,000 láti fi wá oníbàárà kan rí. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkéde ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ilé rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ó ya ₦10,000 sọ́tọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ₦10,000 nìkan ni yóò jáde lápò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni Meta ti ń gba owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ìkéde tí àwọn ará Nàìjíríà bá san owó fún. Èyí jẹ́ ₦750 lórí ₦10,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦10,750. Bí ó bá pín iye yìí sí ₦2,000, yóò rí i pé iṣẹ́ mẹ́fà ni ìkéde náà gbọ́dọ̀ mú wá kí ó tó lè sọ pé ó bọ́ sí i. Ó kọ ẹ́fà yìí sí ẹ̀yìn ìwé kékeré kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé lẹ́yìn tí owó bá tán ni yóò máa wá ìdí tí yóò fi yin ara rẹ̀.

Nígbà tí ó tẹ Boost post, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ohun tí ó fẹ́ kí ìkéde náà ṣe fún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ohun tí oníṣẹ́ bá bèèrè ni Meta yóò wá fún un. Bí ó bá bèèrè pé kí àwọn ènìyàn fi ìfẹ́ hàn sí ọ̀rọ̀ òun, a óò gbé ìkéde náà síwájú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tẹ àmì ìfẹ́ sí gbogbo nǹkan, ìbáà jẹ́ pé wọn kò ní fíríìjì nílé. Ọkùnrin yìí yan Get more messages, ó sì ní kí àwọn ènìyàn kọ̀wé sí òun lórí Wasáàpù, nítorí pé ẹni tí ó gbà láti kọ̀wé ti súnmọ́ ẹni tí yóò pe oníṣẹ́ wá sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ibi tí agogo yóò dé. Ó tẹ Oyo sí ibi tí a ti ń yan ìlú. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé orúkọ kan náà ni ìlú Ọ̀yọ́ àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń jẹ́. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò yan ìpínlẹ̀ náà, owó rẹ̀ yóò sì tú ká dé Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí. Ohun tí ó ṣe nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó kọ̀wé sí i, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bi wọ́n ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé, púpọ̀ nínú wọn wà ní Ìbàdàn, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ yóò sì jẹ èrè rẹ̀ tán. Iṣẹ́ méjì péré ni ó rí ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ná an ní ₦5,375 láti rí, ohun tí ó sì kù fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦625.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò yí iye owó padà, kò yí ọ̀rọ̀ padà, kò sì yí àwòrán padà. Ibi tí ìkéde yóò dé nìkan ni ó yí. Ó fi àmì sí Òwòdé lórí àwòrán ilẹ̀ tí ó wà lójú fóònù, ó sì fa òbìrí yí i ká ní kìlómítà 15. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé láti àárín dé etí ni a ń ka iye yìí. Fífẹ̀ òbìrí náà láti etí kan dé èkejì jẹ́ kìlómítà 30. Awẹ́ àti Ìlọrà bọ́ sínú rẹ̀, Ìbàdàn sì wà lóde. Ènìyàn mẹ́rìnlá péré ni ó kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé iye ìwé ni ó ń kà, ìbá sọ pé ọjà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́rìnlá yìí, ó rí iṣẹ́ mẹ́fà ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ná an ní nǹkan bíi ₦1,800, gbogbo iṣẹ́ náà sì mú ₦36,000 wọlé. Nígbà tí a yọ ₦10,750 kúrò, ₦25,250 ni ó kù. Ìkéde tí ó mú ènìyàn púpọ̀ wá ni ó mú èrè kékeré wá.

Síbẹ̀, òbìrí náà kò mọ́ tónítóní bí ó ti rí lójú. Kì í ṣe àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ nìkan ni ìkéde yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, bí kò ṣe àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ láìpẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀yọ́ wà lójú ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́, arìnrìn-àjò tí ó gba ibẹ̀ kọjá lè rí ìkéde fíríìjì náà nígbà tí ó bá ti dé Ìlọrin. Nítorí èyí, ó dára kí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìkéde dárúkọ àwọn ìlú tí oníṣẹ́ lè dé: “Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, Awẹ́ àti Ìlọrà, ǹjẹ́ fíríìjì yín kò tutù mọ́?” Arìnrìn-àjò yóò ka èyí, yóò sì kọjá lọ.

Ní ti ọjọ́ orí, ọkùnrin yìí mú láti ọdún 25 lọ sókè, ó sì fi ọkùnrin àti obìnrin sí i, nítorí pé àwọn tí ń gbọ́ bùkátà ilé ni wọ́n ń pe oníṣẹ́. Fesibúùkù tún fún un ní àyè láti yan àwọn ènìyàn nípa ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Ó fi ìyẹn sílẹ̀, ó sì ṣe dáradára. Ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ àti ohun tí ó ń wò ni Meta fi ń mọ ohun tí ó fẹ́ràn. Ìyá ẹlẹ́ja tí fíríìjì rẹ̀ bàjẹ́ ní àná kò tíì tẹ ohunkóhun nípa fíríìjì rí. Bí a bá fi ìfẹ́ sẹ́ àwọn ènìyàn, òun gan-an ni a óò sẹ́ dànù. Ìlú kékeré ti jẹ́ asẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun mìíràn kù tí ó yẹ ní mímọ̀. Meta a máa yẹ ìkéde wò kí ó tó jáde, èyí sì lè gba wákàtí mẹ́rìnlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró di ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀. Bákan náà, ọ̀sẹ̀ méjì kéré láti fi ṣe ìdájọ́ ayérayé. Iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́fà lè yí padà bí ooru bá mú, tàbí bí iná mànàmáná bá ba ẹ̀rọ púpọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí oníṣẹ́ tún un dán wò ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, kí ó sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà nígbà kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì yóò mọ ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá.

Ìwé kékeré ọkùnrin náà ni yóò sọ òtítọ́ fún un ju fóònù lọ. Fún gbogbo ẹni tí ó bá kọ̀wé, ohun mẹ́ta ni ó ń kọ sílẹ̀: àdúgbò rẹ̀, bóyá iṣẹ́ wáyé, àti èrè tí ó kù. Bí iṣẹ́ kò bá pé mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, kí ó dá owó dúró, kí ó tún ọ̀rọ̀ ìkéde náà kọ tàbí kí ó fa òbìrí náà sún. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo; ẹni tí ó bá sì fi ₦10,000 lé gbogbo ìpínlẹ̀ yóò pòfo bákan náà.