Oṣù Mẹ́rin Tó Sọnù Nínú Ìtàn Ṣóyínká



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni bí a ṣe lè to ọjọ́ tí wọ́n mú ajàjàgbara kan, ọjọ́ tó sá kúrò nílùú àti ọjọ́ tó padà dé, nígbà tí ìwé kan ń sọ báyìí, tí òmíràn ń sọ báyẹn. Wọlé Ṣóyínká ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ.

Ọ̀pọ̀ ibi lẹ ó ti kà á pé oṣù 22 ló lò ní àhámọ́ nígbà ogun Bìáfírà. Ṣùgbọ́n Oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni wọ́n mú un, Oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Oṣù Kẹjọ 1967 sí Oṣù Kẹjọ 1969 jẹ́ oṣù 24. Ẹ fi méjì kún un, ó di 26. Oṣù mẹ́rin ti sọnù! Fún ẹni tí wọ́n tì mọ́ iyàrá lóun nìkan, oṣù mẹ́rin kì í ṣe kékeré o.

Nítorí náà, ẹ má kọ iye oṣù tí ẹlòmíràn kà. Ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi orúkọ ibi tí ẹ ti rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ló dára jù fún ọjọ́. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó jáde ní 1972, ló dára jù fún ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àhámọ́.

Ẹ má sì da orúkọ nǹkan pọ̀. Ní 1965, wọ́n mú un lórí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ nínú Oṣù Kejìlá. Ti 1967, wọn ò gbé e dé kóòtù rárá. Àtìmọ́lé ni, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ dá. Ó sá gba Bìnì Olómìnira jáde ní Oṣù Kọkànlá 1994. Ní Oṣù Kẹta 1997, ìjọba Abacha fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀sùn nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́. Oṣù Kẹwàá 1998 ló tó wálé, lẹ́yìn tí Abacha ti kú ní Oṣù Kẹfà.

Ẹnu àgbà náà wúlò. Bí bàbá kan l'Ọ́mù-Àrán tàbí l'Ésìẹ́ bá ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni," ẹ má wò ó bí àròsọ. Ọjọ́ 27 Oṣù Karùn-ún 1967 nìyẹn, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó mú Ṣóyínká. Ohun tí bàbá mọ̀ ti bá ọjọ́ mu.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìwé ìròyìn àtijọ́ bá wà nínú àpótí yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí ọjọ́ orí rẹ̀ hàn dáadáa.